Òjò Ni Àbí Símẹ́ńtì? Ohun Tí Fọ́mán Ń Kọ Sínú Ìwé Sáìtì

"Òjò rọ̀, a ò ríṣẹ́ ṣe." Bí ẹ bá ṣí ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ lórí ọ̀pọ̀ sáìtì ilé kíkọ́ ní Ìbàdàn tàbí Èkó nínú oṣù kẹfà, gbólóhùn yìí tàbí èyí tó jọ ọ́ lẹ máa bá níbẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ aago tí òjò bẹ̀rẹ̀, kò sọ ìgbà tó dá, kò sọ iṣẹ́ tó dúró nítorí rẹ̀, kò sì sọ iye èèyàn tó káwọ́ lérí. Tó bá di oṣù mẹ́fà sí i, tí onílé ń bínú pé ilé òun ti pẹ́ jù, tí agbaṣẹ́ṣe ń búra pé òjò ló fà á, kò sí ẹni tí gbólóhùn yẹn máa gbè nínú àwọn méjèèjì.

Fọ́mán ló ni ìwé yìí. Òun ló ń dé sáìtì ṣáájú àwọn lébìrà, òun ló sì máa ń ti géètì lálẹ́. Ojú ewé kan ni ọjọ́ kan, lórí ìwé tó ní kábọ́nù lábẹ́, kí ẹ̀dà kan lè lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà kí èkejì sì dúró sí sáìtì. Ohun tó ń wọ inú rẹ̀ kò pọ̀: bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àwọn tó wá síṣẹ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú, ẹrù tó wọlé, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti apá ibi tí wọ́n ti ṣe é nínú ilé, àti ohunkóhun tó dá iṣẹ́ dúró. Fọ́mán á fọwọ́ sí i, aṣojú onílé tàbí ẹnjiníà á fọwọ́ sí i. Ó tán. Ìṣẹ́jú ogún tó fún un bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ti ń sàmì sínú ìwé pélébé kan láti àárọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń yọ ara wọn lẹ́nu wà nínú ìwé àdéhùn. Iṣẹ́ tó bá tóbi díẹ̀ máa ń ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, ó sì máa ń ní iye owó tí agbaṣẹ́ṣe máa san fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi kọjá. Àwọn ohun kan wà tó lè sún ọjọ́ náà síwájú láìsí owó ìtanràn, ojú ọjọ́ tó burú sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìwé àdéhùn FIDIC ti 1999, tí wọ́n ń lò káàkiri ayé fún iṣẹ́ ńláńlá, ṣe là á kalẹ̀: ojú ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ burú kọjá bó ṣe yẹ, agbaṣẹ́ṣe sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé fún ẹnjiníà láàárín ọjọ́ 28 tó mọ̀ nípa ohun tó fẹ́ tìtorí rẹ̀ béèrè àfikún àkókò. Òjò oṣù kẹfà n'Íbàdàn kì í ṣe àlejò. Gbogbo wa la mọ̀ pé oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án ni òjò máa ń le jù nílẹ̀ Yorùbá, tó sì máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ tó máa wọnú oṣù kẹfà ti mọ̀ ọ́n kó tó dá iye lé e. Torí náà, bó bá ní òjò ọdún yìí yàtọ̀, ẹnjiníà á gbé àkọsílẹ̀ àjọ NiMet sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé fọ́mán, á sì wo wákàtí tí iṣẹ́ fi dúró ní ti gidi. "Òjò rọ̀" nìkan kò ní wákàtí nínú.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọjọ́ kan yẹ̀ wò. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe, mo sì yan iye tó rọrùn láti ṣírò, ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí fọ́mán kankan. Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù kẹfà, wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan n'Íbàdàn. Dẹ́kìn náà gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 10, ó sì nípọn ní mílímítà 150, èyí tí àwọn bírìkìlà ń pè ní ínṣì mẹ́fà. Tí a bá ro àwọn bíìmù mọ́ ọn, kọnkéré tí wọ́n máa dà jẹ́ kúbíìkì mítà 21. Kúbíìkì mítà kan ni ohun tó máa kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ìwọ̀n símẹ́ńtì kan sí yanrìn méjì sí òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ pò, ìyẹn sì máa ń gba nǹkan bí àpò símẹ́ńtì mẹ́fà àbọ̀ fún kúbíìkì mítà kan. Ẹ bá mi sọ ọ́ di púpọ̀: àpò 137 ni dẹ́kìn náà máa jẹ. Àpò 60 ló wà ní sítọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ tó máa kó àpò 80 wá ló yẹ kó ti dé ní aago 9.

Ohun tí fọ́mán kọ sílẹ̀ rèé. Aago 7 àárọ̀, ojú ọ̀run ṣú, òjò kò tíì rọ̀. Aago 7:30, àwọn tó wà níkàlẹ̀: bírìkìlà mẹ́fà, lébìrà 24, káfíńtà mẹ́ta tó ń ṣọ́ pákó àti ọparun abẹ́ dẹ́kìn, áyánbẹ́ńdà méjì, àti àwọn méjì tó ń darí mísà. Aago 7:40, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po kọnkéré, mísà méjèèjì sì ń jẹ àpò 20 ní wákàtí kan. Aago 10:05, òjò dé. Wọ́n ti lo àpò 48. Wọ́n fi tapólì bo ibi tí wọ́n ti dà, gbogbo èèyàn sì sá sábẹ́ ilé. Aago 11:50, òjò dá. Wọ́n gbọ́n omi kúrò lórí pákó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà ní aago 12:10. Ní nǹkan bí aago 12:45, àpò 12 tó kù ní sítọ̀ tán. Ọkọ̀ símẹ́ńtì wọlé ní aago 1:40 ọ̀sán. Wọ́n já díẹ̀ sílẹ̀, mísà tún yí ní aago 2:05, dẹ́kìn sì parí kí aago 6 ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Ohun tó dá iṣẹ́ dúró pé méjì lọ́jọ́ yẹn. Òjò gba wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú márùn-ún, símẹ́ńtì gba wákàtí kan ó lé ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá kàn wò ó fìrí á ní òjò ló burú jù, torí òun ló gba àkókò jù.

Ẹ wá fọkàn yọ òjò kúrò. Ká ní oòrùn ràn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àpò 12 tó kù nígbà tí òjò dé ì bá tán ní nǹkan bí aago 10:40. Láti ìgbà náà, mísà ì bá dúró, gbogbo èèyàn ì bá jókòó, wọn ì bá sì máa wo ọ̀nà títí ọkọ̀ á fi dé ní aago 1:40. Wọn ì bá bẹ̀rẹ̀ padà ní aago 2:05, pẹ̀lú iye àpò kan náà níwájú wọn, dẹ́kìn ì bá sì parí ní àkókò kan náà gẹ́lẹ́. Òjò náà kò gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú àkókò tí wọn ì bá fi dúró de símẹ́ńtì ló ti rọ̀, tó sì ti dá.

Kò sí bí èèyàn ṣe lè rí èyí láìsí aago mẹ́rin pàtàkì nínú ìwé náà: ìgbà tí òjò dé, ìgbà tí símẹ́ńtì ìṣáájú tán, ìgbà tí ọkọ̀ wọlé, ìgbà tí mísà yí padà. Bí fọ́mán bá fo ọ̀kan péré, ìṣirò náà bà jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àpótí tí wọ́n máa ń tẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù míràn, tí wọ́n ní kí fọ́mán sàmì sí "oòrùn" tàbí "òjò" nínú rẹ̀, kò ní láárí.

Agbaṣẹ́ṣe á fẹ́ kí ó jẹ́ òjò, kò sì yani lẹ́nu. Bó bá jẹ́ òun ló yẹ kó ra símẹ́ńtì, àìtètè dé rẹ̀ wà lọ́rùn òun. Kò ṣòro láti ro ọ̀rọ̀ tó máa wáyé lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Bàbá Fọ́mán, ẹ ṣáà bá wa kọ ọ́ pé òjò ló dá wa dúró lónìí."

"Ọ̀gá, mo ti kọ òjò. Mo kọ aago tí símẹ́ńtì dé náà."

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà lè yí padà. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ onílé kì í gbé gbogbo iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Àwọn fúnra wọn ló ń ra símẹ́ńtì, yanrìn àti irin, owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń san. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó jẹ́ kí èèyàn 37 jókòó ni onílé, kò sì lè yí padà kó máa béèrè ìdí tí bírìkìlà kò fi tètè parí. Torí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ "ọkọ̀ dé ní aago 1:40", fọ́mán tó mọṣẹ́ á fi ẹni tó ra ẹrù náà kún un, ọjọ́ tí wọ́n béèrè fún un, àti aago tí wọ́n ṣèlérí. Bí dírẹ́bà bá sọ pé ọ̀nà láti Ewékorò dí nítorí àgbàrá òjò, fọ́mán lè kọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ pé "dírẹ́bà sọ pé". Ohun tí ó fojú rí ni òun lè jẹ́rìí sí. Ohun tí wọ́n sọ fún un, ẹlòmíràn ló máa jẹ́rìí rẹ̀.

Ìwé yìí kì í ṣe fún ìjà owó nìkan. Kọnkéré kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Símẹ́ńtì tí omi bá ti kàn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, nínú ooru ilẹ̀ wa sì rèé, wákàtí méjì pọ̀ fún un. Kọnkéré tí wọ́n dà ní aago 10 kò ní dà pọ̀ di ọ̀kan mọ́ pẹ̀lú èyí tí wọ́n dà lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn aago 12. Ojú ìsopọ̀ máa wà níbẹ̀, bí wọn kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé, ibẹ̀ sì ni dẹ́kìn máa ti sán lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tí òjò dé, ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí káfíńtà ka pákó sójú ibi tí kọnkéré dé, kó dúró ṣánṣán, kó má dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí òkìtì yanrìn. Ààrin méjì òpó tàbí méjì bíìmù ni wọ́n ti máa ń fẹ́ kí ojú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ bíìmù gan-an, torí ẹ̀gbẹ́ bíìmù ni agbára tó fẹ́ gé dẹ́kìn ti pọ̀ jù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ padà, wọ́n á yọ pákó náà, wọ́n á ha ojú rẹ̀ kó rí ṣákaṣàka, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi símẹ́ńtì tó rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu pa á lójú.

Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ wà nínú ìròyìn ọjọ́ náà, pẹ̀lú ibi tó wà: láàárín òpó kejì àti ìkẹta láti apá ìlà oòrùn, mítà mélòó sí bíìmù. Nígbà tí wọ́n bá ti fi ṣíṣàn símẹ́ńtì dán ojú dẹ́kìn, tí wọ́n sì ti rẹ́ ògiri lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fojú rí ìlà yẹn mọ́. Bí ó bá sán lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹnjiníà tó wá yẹ̀ ẹ́ wò á fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló ń rì àbí ojú ìsopọ̀ ló ṣí. Ojú ewé kan ṣoṣo ló lè dá a lóhùn.

Ìṣirò símẹ́ńtì tún ń ṣe iṣẹ́ míràn. Fọ́mán bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ pẹ̀lú àpò 60, àpò 80 wọlé, àpò mẹ́ta padà sí sítọ̀ lálẹ́. Àpò 137 ló lọ sínú dẹ́kìn, iye tí ìṣirò àárọ̀ sì béèrè nìyẹn. Bí ìwé bá sọ pé àpò 110 péré ni wọ́n lò, tí dẹ́kìn sì parí, inú ẹnjiníà kò gbọdọ̀ dùn sí i pé wọ́n fi símẹ́ńtì pamọ́. Yálà wọ́n dín símẹ́ńtì kù nínú àpòpọ̀, tàbí dẹ́kìn náà kò tó ínṣì mẹ́fà. Bí ìwé bá sì sọ pé àpò 165 ló lọ, ó ṣeé ṣe kí pákó ti tẹ̀ lábẹ́ kọnkéré, tó fi nípọn níbì kan ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kí àpò díẹ̀ ti gba ẹ̀yìn fẹ́ǹsì jáde.

Yanrìn ló ṣòro jù láti kọ. Àpò símẹ́ńtì ṣeé kà, kílò 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n típà yanrìn dà bí ohun tí onítípà bá pè é. Fọ́mán tó gbọ́n á gun ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú tépù kí wọ́n tó da ẹrù sílẹ̀: ó gùn tó báyìí, ó fẹ̀ tó báyìí, gíga yanrìn níwájú, láàárín àti lẹ́yìn. Nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà ìwé ẹrù á tẹ̀ lé e. Tí òjò bá ti pa yanrìn náà, ó gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn sí i, torí yanrìn tó tutù díẹ̀ máa ń wú, ó sì lè fi bí ìdá mẹ́rin pọ̀ ju bó ṣe máa rí tó bá gbẹ lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tó kún típà lójú lè má kún un ní ti gidi, àti pé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bu yanrìn sí mísà á mú yanrìn díẹ̀ àti omi púpọ̀ wọlé. Ẹni tó ń bu omi sí mísà gbọ́dọ̀ dín ọwọ́ kù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìwé tí wọ́n jókòó hùmọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì fún gbogbo ọ̀sẹ̀ kì í ṣòro láti dá mọ̀. Bíìrò kan náà ló kọ ọjọ́ márùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ kò yí. Iye lébìrà kò yí láti Ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ lébìrà mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbowó kì í rí bí ọjọ́ kejì rẹ̀. "Iṣẹ́ ń lọ" ló wà níbi tó yẹ kí orúkọ iṣẹ́ wà. Ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò rántí pé òjò kún ojú pópó, "oòrùn" ló wà níbẹ̀. Bí agbẹjọ́rò tàbí onídàájọ́ bá rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀, kò ní gba èyí tó kù gbọ́ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀: kí fọ́mán fa ìlà kan péré sórí rẹ̀, kí ohun tó wà lábẹ́ ṣì ṣeé kà, kó kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ kò gbọdọ̀ kan ìwé yìí. Fọ́tò wúlò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí èyí tó wà nínú fóònù tó yà á má ṣe parẹ́, torí èyí tí wọ́n bá fi Wáásáàpù ránṣẹ́ kì í gbé ọjọ́ àti aago tí wọ́n yà á dání mọ́.

Ohun kan kù ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Wọ́n bu kọnkéré sínú àpótí irin onímílímítà 150 lọ́nà gbogbo, mẹ́fà lápapọ̀: mẹ́ta kí òjò tó dé, mẹ́ta lẹ́yìn aago 2. Nígbà tí wọ́n bá dì, wọ́n á kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti máa fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi fọ́, àwọn kan ní ọjọ́ keje, àwọn tó kù ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Fọ́mán kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ sínú ìwé pé nọ́ńbà 1 dé 3 wá láti apá ìlà oòrùn ojú ìsopọ̀, nọ́ńbà 4 dé 6 láti apá ìwọ̀ oòrùn. Bí àwọn ti apá ìwọ̀ oòrùn bá fọ́ kí wọ́n tó kan agbára tó yẹ, ohun àkọ́kọ́ tí ẹnjiníà máa wò ni ìlà yanrìn tútù ọ̀sán ọjọ́ náà, bóyá omi ló pọ̀ jù ní mísà. Lẹ́yìn náà ló máa sọ fún àwọn káfíńtà pé kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan ọparun abẹ́ apá yẹn, a sì máa rán ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn nìkan, láti yọ kọnkéré gidi wá fún àyẹ̀wò, kí apá kejì má bàa gba ihò tí kò yẹ ẹ́.